Bíìlì Kíláòdù Àkọ́kọ́: Òdo Orí Ẹ̀ Kì Í Ṣe Òdo

Ọmọ iṣẹ́ mi kan ló gbé fóònù wọlé wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù ní Ẹ̀pẹ́, níbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá ọdún 2025. Ìyá rẹ̀ ń ta ẹja yíyan ní ọjà Olúwo, òun sì ti ṣe ojú ìwé kan fún un sórí ìntánẹ́ẹ̀tì, kí àwọn oníbàárà tó ń ti Lẹ́kí àti Àjáh bọ̀ lè wo irú ẹja tó wà nílẹ̀ kí wọ́n tó gbéra nílé. Kọ̀ǹpútà tó gbé ojú ìwé náà dúró kì í ṣe tirẹ̀. Ó yá a lọ́dọ̀ AWS ni, ẹ̀ka Amazon tó ń yá ènìyàn ní kọ̀ǹpútà lórí ìntánẹ́ẹ̀tì, irú ohun tí gbogbo wa ń pè ní kíláòdù. Bíìlì oṣù Kẹsàn-án jẹ́ òdo. Ti oṣù Kẹwàá náà jẹ́ òdo. Ti oṣù Kọkànlá dé, ó di dọ́là 30.04.

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan o. Bí mo ṣe fi í sílẹ̀ náà ló wà."

Kò parọ́. Kò fọwọ́ kan nǹkan kan lóòótọ́, ohun tó sì fa owó náà nìyẹn. Mo ní kó jókòó, a ṣí bíìlì náà ní ìlà ìlà, ọ̀nà tá a gbà kà á ni mo fẹ́ kọ síbí fún ẹni tí tirẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Ẹ rántí irú mítà iná méjì tá a mọ̀. Ọ̀kan ni èyí tí a ń ra káàdì sí: bí yúníìtì bá ti tán, iná á lọ, o ò ní jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Èkejì ni ti àtijọ́, tí òṣìṣẹ́ NEPA máa ń wá kà lópin oṣù, kó tó gbé bíìlì wá. Kíláòdù, irú kejì yìí ni. Ó ń ka ní wákàtí wákàtí, yálà o jókòó tì í tàbí o lọ sùn, kò sì ní í kan ilẹ̀kùn kó tó kà. Ohun tó wá ń da ọ̀rọ̀ náà rú ni pé wọ́n fún ẹni tuntun lẹ́bùn owó tó ń san bíìlì náà ní ìkọ̀kọ̀ fún oṣù bíi mélòó kan. Mítà ń yí, ẹ̀bùn ń san án, ojú ìwé ń sọ pé òdo.

Ọ̀fẹ́ tí fídíò ń sọ àti ọ̀fẹ́ tó wà nísinsìnyí

Èyí ló kọ́kọ́ yẹ kó yé ọ, nítorí ọ̀pọ̀ fídíò tí àwọn ọmọ wa fi ń kọ́ṣẹ́ ti pẹ́. Ẹni tó bá ṣí àkáǹtì AWS kí ọjọ́ 15 oṣù Keje ọdún 2025 tó pé, ó ní oṣù 12 tí wọ́n ń ka ọ̀fẹ́ fún un ní ìwọ̀n: wákàtí 750 lóṣù fún kọ̀ǹpútà kékeré kan, díìsìkì gígábáìtì 30, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Oṣù tó ní ọjọ́ 31 jẹ́ wákàtí 744, nítorí náà kọ̀ǹpútà kan lè máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru láì náni ní kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n wákàtí 750 yẹn, gbogbo kọ̀ǹpútà tó o bá tàn ló ń pín in lò. Tan méjì, yóò tán ní ọjọ́ kẹrìndínlógún, ìyókù oṣù sì di owó.

Ẹni tó bá ṣí àkáǹtì láti ọjọ́ 15 oṣù Keje ọdún 2025 wá kò bá wákàtí 750 yẹn mọ́. Dọ́là 100 ni wọ́n fi sí àkáǹtì rẹ̀ bó ṣe ń ṣí i, ó sì lè gba 100 mìíràn bó bá ṣe àwọn iṣẹ́ kéékèèké kan, 20 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á tún bi í léèrè pé ètò ọ̀fẹ́ ló fẹ́ ni, tàbí ètò olówó. Lórí ètò ọ̀fẹ́, wọn ò ní í gbowó lọ́wọ́ rẹ. Bí oṣù mẹ́fà bá pé tàbí tí ẹ̀bùn náà bá tán, èyí tó bá kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀, wọ́n á ti àkáǹtì náà. Lórí ètò olówó, ẹ̀bùn náà ló ń kọ́kọ́ san, bó bá tán, káàdì rẹ ló kàn. Ọmọ iṣẹ́ mi yan ètò olówó, nítorí fídíò tó ń wò kò mọ̀ pé ọ̀nà méjì wà. Èmi ì bá yan ètò ọ̀fẹ́ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, láìro ó lẹ́ẹ̀mejì. Kí wọ́n ti àkáǹtì mọ́ mi sàn ju kí n jí bá gbèsè.

Àmì kan wà tó ń tan ènìyàn níbẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ àwọn kọ̀ǹpútà kan, wàá rí `Free tier eligible`. Láyé àkáǹtì àtijọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ túmọ̀ sí pé má san kọ́bọ̀. Nínú àkáǹtì tuntun, ohun tó ń sọ kò ju pé o lè fi ẹ̀bùn rẹ san owó rẹ̀. Wákàtí kọ̀ọ̀kan ń jẹ nínú ẹ̀bùn náà.

Ṣíṣí bíìlì náà

Wọlé pẹ̀lú ímeèlì tó o fi ṣí àkáǹtì gan-an, kì í ṣe orúkọ mìíràn tó o dá sínú rẹ̀ lẹ́yìn náà, torí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kì í sábà rí ọ̀rọ̀ owó àfi bí o bá fún un láyè. Kọ `Billing` sínú àpótí ìwákiri lókè, tẹ `Billing and Cost Management`, kó o wá yan `Bills` lápá òsì. Yan oṣù tó o fẹ́ kà. Àpapọ̀ tó wà lókè, má tíì wò ó. Sọ̀kalẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti to owó náà sábẹ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kó o máa tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan kó ṣí: orúkọ iṣẹ́, lẹ́yìn náà agbègbè tí kọ̀ǹpútà wà, lẹ́yìn náà àwọn ìlà fúnra wọn.

Oṣù Kẹsàn-án, èyí tó sọ pé òdo, ni mo ní ká kọ́kọ́ ṣí. Ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyí:

```
$0.0104 per On Demand Linux t3.micro Instance Hour     720 Hrs     $7.49
$0.045 per NAT Gateway Hour                            720 Hrs    $32.40
$0.08 per GB-month of gp3 provisioned storage         30 GB-Mo     $2.40
$0.005 per In-use public IPv4 address per hour       1,440 Hrs     $7.20
```

Ìlà kìíní ni kọ̀ǹpútà, ìkejì ni NAT Gateway tí a ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láìpẹ́, ìkẹta ni díìsìkì, ìkẹrin sì ni àdírẹ́sì, ìyẹn nọ́ńbà tí ìntánẹ́ẹ̀tì fi ń rí kọ̀ǹpútà. Dọ́là 49.49 nìyẹn. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni ìlà kírẹ́díìtì, ìyẹn ẹ̀bùn náà, wà pẹ̀lú àmì àyọkúrò níwájú: 49.49 náà. Ìdí tí àpapọ̀ fi di òdo nìyẹn.

Ìlà kọ̀ọ̀kan ní ohun mẹ́ta: iye owó fún ẹyọ kan, iye ẹyọ tó o lò, àti owó tó kó jọ. Owó ni ojú gbogbo ènìyàn máa ń lọ bá. Èmi, iye ẹyọ tó wà láàárín ni mo máa ń kà, torí òun ló ń sọ ohun tó o ní nílẹ̀. Oṣù Kẹsàn-án jẹ́ ọjọ́ 30, ọjọ́ kan sì jẹ́ wákàtí 24, ìyẹn 720. Ìlà tó bá kà 720 ń sọ fún ọ pé nǹkan kan ṣoṣo ni, kò sì sinmi rárá láti ọjọ́ kìíní dé ìparí. Ìlà tó bá kà 1,440 ń sọ pé méjì ni. Ọmọ náà ní àdírẹ́sì kan ṣoṣo lòun mọ̀. Bíìlì sọ pé méjì. Bíìlì ló mọ̀ jù.

Ó kọ́kọ́ bínú sí kọ̀ǹpútà, ó fẹ́ pa á rẹ́. Mo ní kó wò ó dáadáa: dọ́là méje àti díẹ̀ ni ti kọ̀ǹpútà tí gbogbo iṣẹ́ wà lọ́rùn rẹ̀. Nǹkan tó ń jẹ 32.40, tó ju ìdajì lọ nínú owó náà, ohun tí kò rántí pé òun dá sílẹ̀ ni.

NAT Gateway, àlejò tí a ò pè

Ohun tó ń jẹ́ NAT Gateway yìí, ẹnu ọ̀nà àjùmọ̀gbà ni. Bí ènìyàn bá ní ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí kò fẹ́ kí ará ìta lè kàn sí tààrà, ó máa ń fi wọ́n sínú yàrá tí kò ní ilẹ̀kùn sójú títì, a wá ṣe ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo tí gbogbo wọn á máa gbà jáde lọ gba àtúnṣe lórí ìntánẹ́ẹ̀tì. Ilé iṣẹ́ ńlá nílò rẹ̀. Ọmọ tó ń polówó ẹja yíyan kò nílò rẹ̀, torí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ ní àdírẹ́sì tirẹ̀ sójú títì tẹ́lẹ̀. Nígbà tó ń tẹ̀ lé fídíò láti dá nẹ́tíwọ́ọ̀kì sílẹ̀, ó yan `VPC and more`, ó sì gbà kí ojú ìwé náà dá NAT gateway kan mọ́ ọn. Ẹnu ọ̀nà yẹn dúró fún oṣù mẹ́ta láìsí ẹni tó gbabẹ̀ kọjá. Ó sì tún gba àdírẹ́sì tirẹ̀, èyí tó jẹ́ kí àdírẹ́sì di méjì.

Nígbà tí a ṣàlàyé fún ìyá rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ní, "Iná tí ẹ ò tàn, wọ́n tún gbowó ẹ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Màmá, iná tí a ò tàn ni wọ́n gbowó ẹ̀.

Bí o bá wá a nínú bíìlì, ibi tó o ti rò pé ó wà kọ́ ló wà. Lójú ìwé tí wọ́n ti ń dá nẹ́tíwọ́ọ̀kì sílẹ̀, èyí tó ń jẹ́ `VPC`, lo ti dá a, ṣùgbọ́n abẹ́ `Elastic Compute Cloud`, níbi tí kọ̀ǹpútà wà, ni bíìlì kà á sí. Àdírẹ́sì ló wá bọ́ sábẹ́ `Virtual Private Cloud`. Mo ti rí ẹni tó pa gbogbo kọ̀ǹpútà rẹ̀ rẹ́ nítorí pé owó wà lábẹ́ kọ̀ǹpútà, tí NAT Gateway sì ń bá tirẹ̀ lọ.

Ìdí tí ojú fi ń fo iye owó yìí ni pé 0.045 dọ́là kò jọ owó. Kò tó sẹ́ǹtì márùn-ún. Kí o tó tẹ bọ́tìnnì ohunkóhun tí wọ́n ń kà ní wákàtí, sọ iye rẹ̀ di ìlọ́po 730, tó jẹ́ nǹkan bíi iye wákàtí inú oṣù kan. Sẹ́ǹtì mẹ́rin àbọ̀ á di dọ́là 32.85. Ìṣirò yìí nìkan ì bá ti gba ọmọ náà là.

Kí la lè máa rò nípa àwọn ọ̀fẹ́ yòókù

Ẹ̀rù dátà tó ń jáde ló máa ń kọ́kọ́ ba àwọn ọmọ wa, torí dátà lọ́wọ́n lórí fóònù wọn. Lórí AWS, gígábáìtì 100 tó ń jáde sí ìntánẹ́ẹ̀tì jẹ́ ọ̀fẹ́ lóṣooṣù, fún àkáǹtì àtijọ́ àti tuntun. Bí àwòrán ẹja tó wà lójú ìwé kan bá jẹ́ mẹ́gábáìtì mẹ́ta, 100 yẹn á tó fún ìgbà tó lé ní 33,000 tí ènìyàn ṣí i. Ọjà Olúwo ò tíì dé bẹ̀. Èyí tó wọlé kò náni ní nǹkan kan rárá. Nítorí náà, fi ẹ̀rù dátà sílẹ̀ ná; ohun tó ń ka wákàtí ni kí o sá fún.

Pípa kọ̀ǹpútà náà tún ní tirẹ̀. Bí o bá tẹ `Stop`, owó kọ̀ǹpútà dúró, ṣùgbọ́n owó díìsìkì ń lọ, torí ẹrù rẹ ṣì wà nínú ilé. Àdírẹ́sì tó o gbà sọ́tọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Elastic IP, ń jẹ owó yálà kọ̀ǹpútà ń ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́. Èyí tó burú jù ni ti àpótí ìkó-ìsọfúnni-pamọ́ tó ń jẹ́ RDS: bí o bá dá a dúró, ọjọ́ méje péré ló máa dúró, ẹ̀yìn ìyẹn á tan ara rẹ̀ padà, owó á sì tún bẹ̀rẹ̀. Bí o ò bá lò ó mọ́, pa á rẹ́ pátápátá.

Rírí owó tí ẹ̀bùn ń bò mọ́lẹ̀

Bíìlì tó dẹ́rù ba ọmọ náà kò tíì pé pàápàá. Ó ní dọ́là 120 ní ọwọ́: 100 àkọ́kọ́, àti 20 tí wọ́n fún un nígbà tó tan kọ̀ǹpútà. Oṣù Kẹsàn-án jẹ 49.49, ó ku 70.51. Oṣù Kẹwàá ní ọjọ́ 31, ó jẹ 51.06, ó ku 19.45. Oṣù Kọkànlá tún jẹ 49.49, ẹ̀bùn san 19.45 tó ṣẹ́kù, 30.04 wá bọ́ sórí káàdì. Ó rò pé ọgbọ̀n dọ́là ni owó oṣù kan. Bí a bá fi í sílẹ̀, 51.06 ni ti oṣù Kejìlá ì bá jẹ́. Bí ìlà owó orí bá sì wà nínú tìrẹ, ti VAT wa nílẹ̀ yìí, 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún lórí owó náà ni.

Ibi méjì lo ti lè rí èyí kó tó dé. Àkọ́kọ́ ni `Credits`, nínú ojú ìwé owó kan náà: ó ń fi iye ẹ̀bùn tó kù àti ọjọ́ tó máa parí hàn. Fi owó oṣù tó kọjá, bó ṣe wà kí ẹ̀bùn tó san án, pín iye tó kù yẹn, ìdáhùn rẹ ni iye oṣù tó kù fún ọ. Èkejì ni `Cost Explorer`. Bí o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i, ó lè tó wákàtí 24 kí ohunkóhun tó hàn. Lápá ọ̀tún, wá `Charge type`, kó o yọ `Credit` kúrò. Lójú ẹsẹ̀, àwọn òpó tó ti wà nílẹ̀ pẹrẹsẹ á gòkè. Yan kó máa fi ọjọ́ kọ̀ọ̀kan hàn, kó o sì pín in sí `Usage type`. Ti ọmọ náà jẹ́ 1.65 lójúmọ́, bákan náà lójoojúmọ́, láìsí òkè láìsí ilẹ̀. Bí òpó bá dọ́gba báyìí, nǹkan tó ń ka wákàtí ló wà níbẹ̀. Bó bá ń lọ sókè sódò, ìlò àwọn ènìyàn ni.

Pípa á rẹ́, àti àṣẹ́kù rẹ̀

Ṣí `CloudShell`, fèrèsé dúdú kékeré tó wà lókè ojú ìwé AWS, kó o tẹ àwọn àṣẹ yìí:

```
aws ec2 describe-nat-gateways --region us-east-1 --filter Name=state,Values=available
aws ec2 describe-addresses --region us-east-1
aws ec2 describe-volumes --region us-east-1 --filters Name=status,Values=available
```

Àkọ́kọ́ ń ka NAT Gateway tó wà láàyè, èkejì ń ka àdírẹ́sì tó o gbà sọ́tọ̀, ẹ̀kẹta ń ka díìsìkì tí kò sí lára kọ̀ǹpútà kankan, ìyẹn ẹrù tí ẹni tó ni ín ti fi sílẹ̀ lọ. Agbègbè ni `us-east-1` tó wà níbẹ̀ yẹn. Ohun tó wà ní agbègbè kan kì í hàn ní òmíràn, nítorí náà wo bíìlì, kí o sì tún àwọn àṣẹ yẹn tẹ fún agbègbè kọ̀ọ̀kan tó bá dárúkọ.

Padà sí ojú ìwé `VPC`, wá `NAT gateways`, pa á rẹ́. Má wá dìde níbẹ̀ o. Bí NAT Gateway bá kú, àdírẹ́sì rẹ̀ kì í bá a kú. Á wà lọ́wọ́ rẹ, á sì máa jẹ 0.005 ní wákàtí kan, ìyẹn nǹkan bíi dọ́là 3.60 lóṣù, láìṣe nǹkan kan. Dúró kí ó kọ `Deleted` síwájú NAT Gateway náà, lọ sí `Elastic IPs`, yan àdírẹ́sì tí kò sí lára ohunkóhun, tẹ `Release Elastic IP addresses`.

Agogo tí kì í dún

AWS ní ohun kan tó ń jẹ́ `Budgets`, tó máa ń fi ímeèlì ránṣẹ́ bí owó bá kọjá iye tó o dá. Ó wà lára àwọn iṣẹ́ kéékèèké tí wọ́n ń fi dọ́là 20 san ẹ̀san rẹ̀, ọmọ náà kò sì ṣe é. Ṣùgbọ́n ká tiẹ̀ ní ó ṣe é bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń ṣe é, agogo náà kì bá dún. Bí o bá fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, owó tó ṣẹ́kù lẹ́yìn ẹ̀bùn ló ń wò, òdo ló sì ń rí fún oṣù méjì gbáko.

Bí o ṣe máa ṣe é nìyí. Má yan èyí tí wọ́n ti tò sílẹ̀ fún ọ, yan `Customize`, lẹ́yìn náà `Cost budget`. Fi dọ́là 15 síbẹ̀ fún oṣù kan, tàbí iye tó bá yẹ iṣẹ́ rẹ. Ní `Advanced options`, wá `Supported charge types`, kó o yọ `Credits` kúrò. Ní báyìí, ó ń wo mítà fúnra rẹ̀. Fi ìkìlọ̀ kan sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún, òmíràn sí 100, kó o kọ ímeèlì tó o ń kà lójoojúmọ́.

Ìkìlọ̀ lásán ni o. Kì í pa nǹkan kan. Ìṣirò rẹ̀ sì máa ń pẹ́ ní wákàtí bíi 8 sí 12, nítorí náà ohun tó bá ń jẹ owó kíákíá lè ti jẹ púpọ̀ kó tó kọ́ ọ létí.

Káàdì tí kò lówó nínú

Ọgbọ́n kan wà tí àwọn ọmọ wa ń dá: wọ́n á fi káàdì dọ́là orí fóònù ṣí àkáǹtì, wọ́n á fi dọ́là kan péré sínú rẹ̀, wọ́n á ní bí wọn ò bá rí owó gbà, ọ̀rọ̀ parí. Kò parí. Mítà ń kà lọ, bíìlì náà di gbèsè lórúkọ rẹ, bí káàdì bá kọ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà wọ́n lè dá àkáǹtì dúró pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Yíyọ káàdì kúrò kò yí i padà. Bí o bá sì ti àkáǹtì fúnra rẹ, ohun tó o ti lò ní oṣù yẹn ṣì máa wá.

Bí owó náà bá ju agbára rẹ lọ, kọ́kọ́ pa ohun tó ń jẹ ẹ́ rẹ́, kó o tó bẹ̀bẹ̀. Lọ sí `Support`, ṣí ọ̀rọ̀ tuntun sábẹ́ `Account and billing`. Ìyẹn kò náni ní nǹkan kan, kódà fún ẹni tí kò sanwó ìrànlọ́wọ́. Sọ ìlà tó fa owó náà, iye wákàtí rẹ̀, àti ọjọ́ tó o pa á rẹ́. Wọ́n lè dá a padà, wọ́n sì lè má dá a padà. Tiwa, a san án. Ọmọ náà ní òun fẹ́ kó dun òun díẹ̀.

A pa ẹnu ọ̀nà náà rẹ́ lọ́jọ́ yẹn, a sì tú àdírẹ́sì rẹ̀ sílẹ̀. Ó ku kọ̀ǹpútà, díìsìkì àti àdírẹ́sì kan. Ọjọ́ kẹta, a tún ṣí `Cost Explorer`, a yọ kírẹ́díìtì kúrò bí a ti ń ṣe. Òpó ọjọ́ tó ṣáájú wà ní 0.45. Ó wò ó títí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, díìsìkì 30 yìí ńkọ́? Àwòrán ẹja ò tó gígábáìtì kan."